Sweet Home 3D: ó mọ ògiri, ó mọ àtẹ̀gùn díẹ̀, kò mọ òrùlé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìbarà, níbí l'Abẹ́òkúta. Puláànù ti wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìlà lásán ni lójú wọn. Sweet Home 3D, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya ilé tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo fi gbé ilé náà dìde fún wọn.

Ògiri ò le rárá. Ètò náà kì í gba PDF, nítorí náà ẹ ní kí ayàwòrán ilé fún yín ní puláànù náà ní PNG. Ẹ má fi fóònù yà á o, ìlà á wọ́. Lẹ́yìn `Import background image`, ó máa ní kí ẹ na ìlà kan sórí ibi tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Iwájú ilé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1260 ni mo lò, torí àṣìṣe kékeré lórí ìlà kúkúrú máa ràn ká gbogbo ilé. Ẹ yí nínípọn ògiri láti 7.5 sí 22.5, ìyẹn búlọ́ọ̀kù ìńṣì mẹ́sàn-án, kí ẹ sì máa fa ìlà yín gba agbedeméjì ìlà méjì ògiri.

Àtẹ̀gùn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá ti tẹ `Add level`, tí ẹ ya ilẹ̀ òkè, tí ẹ sì gbé àtẹ̀gùn tó ga tó sí ìsàlẹ̀, ó máa dá ihò sí ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀. Ìyẹn wù mí púpọ̀. Àmọ́ iye ẹsẹ̀ ara àtẹ̀gùn náà kì í yí padà: ẹ fún un pọ̀, ibi ìtẹ̀sẹ̀ á kàn máa kúrú ni. Kò sì ní kìlọ̀ fún yín.

Ẹ wo tiwa. Ògiri ìsàlẹ̀ 300, dẹ́kìn 15, ó di 315. Bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ga ní 17.5, ẹsẹ̀ 18 nìyẹn: 9 dé pèpéle àárín, 9 láti ibẹ̀ dé òkè. Ẹsẹ̀ kẹsàn-án ti bọ́ sórí pèpéle, torí náà ibi ìtẹ̀sẹ̀ 8 ló kù. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 25, 200 nìyẹn. Ká fi pèpéle 100 kún un, 300. Àyè tí puláànù fi sílẹ̀ kò ju 240 lọ! Lójú kọ̀ǹpútà, àtẹ̀gùn náà wọ ibẹ̀ rẹ́gí, ó tún rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ yọ pèpéle kúrò, ẹ pín 140 tó kù sí 8: 17.5 péré ni ẹsẹ̀ èèyàn máa rí tẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán rí i, ó ní, “Mọ̀mí, a ó sún ògiri ilé ìdáná sẹ́yìn ní 60.”

Ní ti òrùlé, kò sí irinṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀. Òrùlé alápá méjì ṣeé dọ́gbọ́n sí: `Sloping wall` á jẹ́ kí orí ògiri ẹ̀gbẹ́ dagun, ẹ sì lè fi `Box` méjì pẹlẹbẹ tẹ̀ ṣe páànù. Alápá mẹ́rin bíi tiwa kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Inú Blender, ètò 3D mìíràn, ni mo ti yà á, tí mo fi fáìlì OBJ gbé e wọlé, iṣẹ́ yẹn sì gbà mí lákòókò ju gbogbo ògiri lọ.