Ìṣẹ́jú kan níwájú oníbàárà: ìtàn ara ẹni tàbí iṣẹ́ kan ṣoṣo?

Ká ní ayàwòrán aládàáni kan ní Adó-Èkìtì fẹ́ bá ìyá tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ ṣe àpò tuntun, ìṣẹ́jú kan péré ló sì ní láti fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ka ilé-ẹ̀kọ́ àti iye ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú náà á tán, á sì wá wá bí yóò ṣe já sórí iṣẹ́.

Ọ̀nà kejì, kí ó sọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti ṣe, ni mo fara mọ́: “Ẹ káàárọ̀ mà. Àpò oúnjẹ ni mò ń ya àwòrán sí. Orúkọ ọjà ẹlẹ́lùbọ́ kan kéré débi pé ẹni tó wà lókèèrè díẹ̀ kò lè kà á. Mo sọ ọ́ di ńlá, mo sì yọ àwọ̀ méjì kúrò, èyí tó dín owó ìtẹ̀wé kù. Orúkọ tiyín náà sá pamọ́ sábẹ́ àwòrán. Ṣé kí n fi èrò mi hàn yín?” Àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ ti orúkọ ìyá náà àfi bí ó bá ti yẹ àpò rẹ̀ wò ṣáájú.