Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú káàdì ìdínǹkan tí wọ́n fi ọ̀rá bò: ohun tó sọ fún mi àti ohun tí kò sọ

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń dúró nídìí òróró gbígbóná ní ilé oúnjẹ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ tí mo sì ti wọlé ni káàdì yìí ti wà lára ògiri lápá ọ̀tún mi. Ojú kan péré ni wọ́n kọ nǹkan sí. Orúkọ oúnjẹ wà lápá òsì, ìwọ̀n ìgbóná òróró wà láàárín, iye ìṣẹ́jú wà lápá ọ̀tún, ọ̀rá líle sì bò ó níwájú àti lẹ́yìn. Oúnjẹ 14 ló wà níbẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì dúró nídìí fúráyà rí, tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà sì ń ké lé e lórí, ohun tó dáa ni pé kí èèyàn kàn yíjú, kí ó sì rí nọ́ńbà tó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí kò ti já mi kulẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́lẹ́ ló sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Edé tí a fi èérún búrẹ́dì bò, 180°C, ìṣẹ́jú 2 sí 3. Àlùbọ́sà tí a gé róbótó, 185°C, ìṣẹ́jú 2. Ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, tí a rì bọ inú ìyẹ̀fun pípò, 180°C, ìṣẹ́jú 4 sí 5. Mo tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sí èyí tí wọ́n dá padà fún mi. Ohun tó fẹ́lẹ́ máa ń tètè gbóná dé inú, àṣìṣe kékeré kì í hàn lára rẹ̀.

Adìyẹ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí káàdì sọ ni pé itan adìyẹ pẹ̀lú egungun, 175°C, ìṣẹ́jú 13. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí èrò pọ̀, mo yí bọ́tìnnì fúráyà sí 175, mo dúró kí iná kékeré tó ń sọ pé òróró ti gbóná tàn, mo sì kó itan 10 sínú agbọ̀n onírin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka ìṣẹ́jú 13 pé. Nígbà tí mo gbé agbọ̀n sókè, awọ adìyẹ náà funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó rọ̀, òróró sì ń ro tótó lára rẹ̀. Mo rò pé iná ni kò tó. Mo yí bọ́tìnnì lọ sí 190, mo kó 10 mìíràn sí i, mo sì tún da àwọn ti àkọ́kọ́ padà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òróró gbóná bọ̀ sípò, awọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kíákíá, ó rẹwà lójú, mo sì kó wọn jáde kí wọ́n má bàa jóná. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa ní kíṣìnnì fi ọ̀bẹ la ọ̀kan kí ó tó jáde síta. Ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ṣì ń dán bíi gíláàsì, kò tíì fà ya rárá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀lé káàdì o. 175 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 13 sì pé."

Ó ní, "O ka káàdì, o ò ka òróró. Ohun tí o ní kí fúráyà ṣe ló wà lára bọ́tìnnì yẹn. Ohun tó ń ṣe gan-an, inú òróró ló wà. Kó gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, bá mi mú tẹmómítà wá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí a tó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n kọ́kọ́ yẹ tẹmómítà fúnra rẹ̀ wò kí n tó fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A bu yìnyín fífọ́ kún ife, a da omi díẹ̀ sí i, a rò ó pọ̀, a sì ki ṣóńṣó tẹmómítà bọ àárín rẹ̀. Ó dúró lórí 0°C, a mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. A wá ki í bọ òróró nígbà tí bọ́tìnnì wà lórí 175. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni 168. Bọ́tìnnì ti ń parọ́ fún wa tipẹ́, ṣùgbọ́n dígírì 7 nìkan kọ́ ló bá adìyẹ mi jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n kó itan 10 sí i bí mo ṣe ṣe lálẹ́ àná. Mo ń wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń já wálẹ̀, kò sì dúró títí ó fi dé 139. Ìṣẹ́jú 6 kọjá kí ó tó padà dé 160. Ìyẹn ni pé nínú ìṣẹ́jú 13 tí mo fi ọkàn tẹ̀ lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tí adìyẹ náà fi wà nínú òróró tí kò lè dín in. Ẹran tútù ń gba ooru òróró, omi ara rẹ̀ tó ń di èéfín náà ń gbà á, bí ẹran bá sì ti pọ̀ ju agbára iná lọ, òróró kò ní lè gbé orí sókè. Nígbà tí mo wá yí bọ́tìnnì sí 190, awọ ni mo fi iná lé. Inú ẹran kò mọ̀ pé mo yí nǹkan kan, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ooru máa ń rìn wọ ibi tó nípọn.

A tún un ṣe. A yí bọ́tìnnì títí tẹmómítà fi sọ pé 175. Adìyẹ ti yọ́ pátápátá nínú fíríìjì láti òru, mo sì fi aṣọ ìnuwọ́ oníwèé nu omi ara rẹ̀ gbẹ. Itan 5 ni mo kó sí i, agbọ̀n kò sì tó ìdajì. Òróró já sí 157, kí ìṣẹ́jú 3 tó pé ó ti padà dé 170. Ní ìṣẹ́jú 13, mo ki tẹmómítà bọ ibi tó nípọn jù lára itan tó tóbi jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ṣùgbọ́n tí kò kàn án, nítorí egungun lè mú kí nọ́ńbà náà yí. Ó sọ pé 80°C. Ó kéré tán, 74°C ló yẹ kí inú adìyẹ dé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí a là á, ọ̀kan nínú wọn ṣì pupa díẹ̀ lẹ́bàá egungun. Ẹ̀gbọ́n ní mùdùnmúdùn egungun adìyẹ kékeré ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀ sára ẹran bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìjinná. Èyí tó pọ́n lóde lálẹ́ àná kò jinná, èyí tó pupa nínú láàárọ̀ yìí jinná. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́ adìyẹ mọ́.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ mi sí ẹni tó ṣe káàdì yìí nìyẹn: kò sí ibi tó ti sọ iye tí èèyàn lè kó sí agbọ̀n, kò sì sí ibi tó ti kọ 74°C. Àyè wà nísàlẹ̀ káàdì náà tó lè gba méjèèjì. Àwòrán ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ni wọ́n yà síbẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ti pòtétò. Wọ́n kọ "pòtétò gígùn, 180°C, ìṣẹ́jú 3." Òótọ́ ni bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti dín lẹ́ẹ̀kan níléeṣẹ́, tó wá dì nínú fírísà. Ṣùgbọ́n pòtétò tútù ni a máa ń gé lọ́wọ́ níbi tí mo wà. Bí ẹ bá da ìyẹn sínú 180 fún ìṣẹ́jú 3, etí rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á le kokoko. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń dín in. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó fọ síítaàṣì, èròjà funfun ara rẹ̀, dànù, a ó gbẹ ẹ́, a ó sì dín in ní 150 sí 160 fún bí ìṣẹ́jú 5, títí yóò fi rọ̀ láìpọ́n. A ó gbé e sílẹ̀ kí ó fẹ́ tútù. Bí oníbàárà bá ti béèrè, a ó dá a padà sínú 180 fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, ìgbà yìí ni awọ rẹ̀ máa ń gan. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó ń pọ́n jù láìka gbogbo èyí sí, ó sì ní ìkorò díẹ̀ lẹ́nu. A wá rí i pé ẹnìkan ti ń kó àpò pòtétò sínú fíríìjì. Òtútù máa ń sọ síítaàṣì inú pòtétò di ṣúgà, ṣúgà yẹn ló sì ń tètè jó. A kó o jáde sí ibi tó ṣókùnkùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ní ti ìṣètò rẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn lórí àmì yìnyín kékeré tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó yẹ kó ti inú fírísà bọ́ sínú òróró tààrà. Àmì náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n kọ ìwọ̀n Fareháìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì pẹ̀lú lẹ́tà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí 180 lórí káàdì, ó yí bọ́tìnnì fúráyà kejì, tí Fareháìtì wà lára rẹ̀, sí 180. Ìyẹn kò ju bíi 82°C lọ. Edé wà nínú òróró fún ìṣẹ́jú 3, kò ta pútúpútú, kò hó rárá. 356 ló yẹ kó yí i sí.

Ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó lágbára. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọwo ni mo fi ń nù ún ní alaalẹ́, òróró kì í dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má lu ihò sára ìwé inú rẹ̀ láti fi í kọ́. A lu ti àkọ́kọ́ báyẹn, kí oṣù kan tó pé, èéfín òróró ti gba ihò náà wọlé, ìwé náà sì di aláwọ̀ ilẹ̀ títí dé orí ìlà edé. Etí ọ̀rá tí kò ní ìwé nínú ni kí ẹ lu. Kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fúráyà, kì í ṣe òkè rẹ̀ gan-an, torí ooru máa ń mú kí ọ̀rá náà ká kò, ẹni tó bá sì nawọ́ kọjá lórí òróró láti tún un ṣe ń fi apá wewu.

Mo ti fi máákà tí kì í parẹ́ kọ nǹkan mẹ́ta sí tiwa. "5" wà níwájú adìyẹ, "74" wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì pín ìlà pòtétò sí méjì. Ọmọ tuntun kan wọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì so épírọ́ọ̀nù rẹ̀ tán tó fi bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 5 yìí, kí ni wọ́n ń kà?" Mo gbé agbọ̀n òfìfo lé e lọ́wọ́, mo sì ní kí ó lọ kó itan 5 sí i kí ó wo ibi tí wọ́n dé.