80W-90, 75W-90 àbí 85W-140: ọ́ìlì gíà wo ni kí a rà fún dífù ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ń fa ẹrù?

Kí ẹ tó wo nọ́ńbà èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wá GL-5 lára agolo náà. Nínú dífù ẹ̀yìn, eyín gíà kékeré kì í kàn yí lára eyín gíà ńlá, ńṣe ló tún ń yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹrù tí ọkọ̀ ń fà sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Èròjà inú GL-5 ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da èyí tó bá ṣẹ́kù sínú gíàbọ́ọ̀sì, nítorí GL-4 ni ọ̀pọ̀ gíàbọ́ọ̀sì tí a ń fọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀ ń fẹ́. Ìwé ọkọ̀ yín ni kó sọ.

80W-90 àti 75W-90 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí dífù bá gbóná, nítorí nọ́ńbà 90 ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní 100°C. Ti òtútù ni nọ́ńbà tó ṣáájú W: wọ́n ń dán 75W wò ní -40°C, wọ́n sì ń dán 80W wò ní -26°C, òtútù tí ọyẹ́ Èkìtì kò lè mú wá láé. Nítorí náà, ẹ má tìtorí 75 san owó kún owó. Ohun tó tó owó lára rẹ̀ ni pé síntẹ́tíìkì ni púpọ̀ nínú wọn, síntẹ́tíìkì sì máa ń fara da ooru pẹ́ ju ọ́ìlì lásán lọ. Ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́sàn-án gangan nílò rẹ̀ lóòótọ́.

85W-140 ki ju méjèèjì lọ, ó sì dára fún ẹrù wíwúwo bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á láyè, àmọ́ kíki rẹ̀ ń fa gíà sẹ́yìn, ó sì ń jẹ epo ọkọ̀. Mi ò fara mọ́ kí a máa fi í bo igbe bíárìn tó ti jẹ mọ́lẹ̀.

Fún ẹni tó ń gba inú odò lọ sóko, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mo ra síntẹ́tíìkì, mo fi kó kòkó jáde lóko, mo sì ń wọ odò pẹ̀lú dífù gbígbóná. Bí omi bá mú un tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì. Bí ẹrẹ̀ bá sì ti dí ihò tó fi ń mí, á fa omi gba ẹ̀gbẹ́ síìlì wọlé. Nígbà tí a tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ohun tó ṣàn jáde funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀kọ mímu tí a bu mílíìkì sí. Omi ti ba ọ́ìlì olówó gọbọi jẹ́ kí ó tó lo oṣù méjì. Láti ìgbà náà, 80W-90 ni mò ń rà, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ gbàrà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà.

Nígbà ìpààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè tí a ń gbà da ọ́ìlì sí kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, nítorí bí ti òkè bá kọ̀ tí kò tú lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti dànù tán, ọkọ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀. Ẹ dà á títí yóò fi kan ẹnu ihò náà.