Àgbéyẹ̀wò Blender: agbádá tó dúró, irun tó ń dà mí láàmú

Yàrá kan ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, ni mo ti ń fi Blender, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ṣe ìṣirò bí aṣọ àti irun yóò ṣe máa fẹ́ lára ẹni inú àwòrán tó ń rìn, èyí tó bá sì jáde ni mo ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, ẹni tí ń to iná sí i tó sì ń yọ fídíò rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe bí aṣọ ṣe rẹwà tó lórí kọ̀ǹpútà mi ni mo fi ń díwọ̀n sọ́fítíwíà yìí, bí kò ṣe bóyá yóò ṣì rí bẹ́ẹ̀ tó bá dé Iléṣà. Lórí ọ̀ràn yìí, mo fún aṣọ ní máàkì 4 nínú 5, mo sì fún irun ní 2.

Ohun tí ìṣirò náà ń kọ sílẹ̀ ni à ń pè ní káàṣì: àkọsílẹ̀ ipò gbogbo kókó inú àwọ̀n tí a fi ṣe aṣọ náà, férémù kan, ìyẹn àwòrán kan nínú fídíò, tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tó bá ṣí i kò tún ní ìṣirò kankan láti ṣe, èyí sì túmọ̀ sí pé àṣìṣe yòówù tó bá ti wọ inú rẹ̀ ti di ara aṣọ náà nìyẹn.

Bàbá kan tó ń ká apá agbádá sórí èjìká ni iṣẹ́ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ọwọ́ bàbá ń yára tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fídíò wa sì jẹ́ férémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ọwọ́ náà ń rìn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ láàárín férémù kan sí èkejì. `Quality Steps`, iye ìgbésẹ̀ ìṣirò nínú férémù kọ̀ọ̀kan, tí Blender fi sílẹ̀ fún wa jẹ́ 5, èyí tó já sí pé ọwọ́ ń fo bíi sẹ̀ǹtímítà 1.7 ní ìgbésẹ̀ ìṣirò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1.5 péré ni àlàfo tí aṣọ fi ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ọwọ́ gba inú aṣọ kọjá. Nígbà tí mo gbé e sí 12, ìfò náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 1 mọ́, aṣọ sì gbé ara rẹ̀ lé ọwọ́ bó ṣe yẹ. Ìṣirò náà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó ṣe é.

Gbígbọ̀n ló tẹ̀ lé e. Ibi tí agbádá ti ṣẹ́ lé ara rẹ̀ ní èjìká ń gbọ̀n pìpì bí ẹni tí ibà ń ṣe, èyí tí mi ò rí títí mo fi ń tẹ férémù kọ̀ọ̀kan wò. Mo ti fi àlàfo tí aṣọ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ sí mítà 0.015, bẹ́ẹ̀ kókó kan sí èkejì nínú àwọ̀n náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, nítorí náà ńṣe ni àwọn ìṣẹ́po ń ti ara wọn dànù láìsinmi. Mo dín in kù sí mítà 0.005, ó sì dákẹ́. Mo tún fi férémù 20 kún ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí bàbá kàn dúró kí aṣọ lè jókòó sí i lára, mo sì yọ wọ́n kúrò nígbà tí mo ń kó o jáde.

Síbẹ̀, ìpè wọlé láti Iléṣà: “Ẹ̀gbọ́n, aṣọ bàbá ò fẹ́ o, ó gan bí ẹni pé wọ́n lo sítáàṣì sí i!” Àṣìṣe tèmi ni. Mo fi `Subdivision`, tó ń pín àwọ̀n sí wẹ́wẹ́, sókè `Cloth`, tó ń ṣírò aṣọ, ó jẹ́ 1 fún ojú kọ̀ǹpútà àti 2 fún ìyọjáde. Nígbà tí Blender ń kọ fáìlì `.abc` tí mo ń fi ránṣẹ́ sí Iléṣà, iye ti ìyọjáde ló mú, kókó aṣọ sì di bí ìlọ́po mẹ́rin iye tó wà nínú káàṣì, kò sì bá a mu mọ́. Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ `Cloth` ni mo ń fi í sí, mo sì ń tún fáìlì náà kó wọlé fúnra mi sínú iṣẹ́ òfìfo kí n tó fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fáìlì yín pamọ́, kí ẹ sì fàmì sí `Disk Cache`, kí káàṣì lè máa wọ inú dísìkì, kí ẹ tó tẹ `Bake` tó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, èyí tó ti ṣírò yóò wà nínú fódà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `blendcache_`.

Ní ti irun, irun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní pátíkù nìkan ló ní `Hair Dynamics`, tó ń ṣírò bí irun ṣe ń fẹ́. Irun tuntun tó dé ní ẹ̀dà 3.3, ní ọdún 2022, kò ní irú rẹ̀. Irun pátíkù pàápàá ní ìdẹkùn bíi ti agbádá: iye irun ọmọ, ìyẹn irun tí Blender fi ń kún àyíká irun gidi kọ̀ọ̀kan, tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ 10, ti ìyọjáde jẹ́ 100. Mo ti sọ àwọn méjèèjì di 30 kí èmi àti àbúrò lè máa rí orí kan náà, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kan ìlà irun kan ṣoṣo lẹ́yìn `Bake`, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.