RAID 1 àbí RAID 5 lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́?

RAID máa ń so díráìfù mélòó kan pọ̀ bí ẹyọ kan. Díráìfù 4TB méjì lórí RAID 1 máa fún ẹ ní 4TB péré, torí ohun kan náà ló wà lórí méjèèjì. Mẹ́ta lórí RAID 5 á fún ẹ ní 8TB, ó dùn létí àbí? Ṣùgbọ́n tó o bá fi tuntun rọ́pò èyí tó kú, RAID 1 kàn máa da èkejì kọ sórí ẹ̀ ni, RAID 5 sì gbọ́dọ̀ ka méjì tó kù látòkèdélẹ̀, tí òmíràn bá tún kú láàárín ẹ̀, gbogbo fáìlì ẹ ti lọ nìyẹn. Díráìfù tó bá jẹ́ SMR, ìyẹn èyí tí àwọn ipa tó ń kọ dátà sí gun orí ara wọn, tiẹ̀ máa ń falẹ̀ gan-an níbẹ̀, CMR tí ipa tiẹ̀ kì í gun orí ara wọn ni kó o rà. Èmi o, RAID 1 ni màá mú. Tó o bá rí `[U_]` nínú `/proc/mdstat` lórí Linux, ọ̀kan ti já kúrò nìyẹn.