Kíláàsì fídíò ojú ẹsẹ̀ àbí ohùn tí a gbà sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ètò ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 40 kan lórí ríro ìdá pọ̀: 1/2 + 1/3.

Lórí fídíò ojú ẹsẹ̀, olùkọ́ lè kọ ọ́ sójú pátákó, kó béèrè, kó sì gbọ́ èsì kíá. Ètò tó ti wà nílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àmọ́ fídíò máa ń jẹ dátà gan-an. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí a ń sọ 1/2 di 3/6, akẹ́kọ̀ọ́ á padà wọlé bá 5/6, kò sì ní mọ bó ṣe débẹ̀.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń fẹ́ kí a tún ètò náà gé. Mo máa ń pín àlàyé sí ohùn mẹ́ta, ìṣẹ́jú 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbà á ní kílóbíìtì 32 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kan kò ju nǹkan bíi kílóbáìtì 720 lọ. Mo tún ń fi fọ́tò iṣẹ́ orí pátákó kan sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ ọ lóru nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kó sì tún un gbọ́.

Ohun tó sọnù níbí ni rírí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi 2/5 ránṣẹ́ ti ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ohùn kejì, níbi tí a ti sọ 1/2 di 3/6, ni kó padà sí.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni mo yàn. Ẹni tó bá ṣì há, mo máa ń pè é fún ìṣẹ́jú 5, láìsí fídíò.