Ẹ ṣọ́ra fún fírísà ₦95,000: bí ẹ ṣe máa dá ṣọ́ọ̀bù èké mọ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí owó bá ti lọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wá fírísà rà lórí Facebook àti Instagram, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tó ń pariwo pé Alábá ni òun wà. Ó ń ta fírísà tuntun, lítà 200, ní ₦95,000, ó tún ní ọ̀fẹ́ ni òun máa gbé e délé yín. Irọ́ ni. Èmi náà ń ta fírísà ní Alábá. Àwọn tó ti lù ní jìbìtì máa ń mú àdírẹ́sì tó kọ sórí rìsíìtì rẹ̀ wá bá wa, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ kò sì sí ní gbogbo láìnì wa. Ó ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, nítorí náà n kò ní fi orúkọ kankan há yín lórí. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye owó yẹn. Lásìkò tí mò ń kọ èyí, àwa tí à ń rà á lọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé kò rí irú fírísà bẹ́ẹ̀ gbà ní iye tó dín ní ₦300,000. Èrè orí ẹyọ kan kò pọ̀. Bí oníbàárà bá mọ ọjà ná dáadáa, a lè yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un, ká sì máa bínú sí i lábẹ́lẹ̀. Báwo wá ni ẹnì kan ṣe máa tà á ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí a fi rà á? Wọ́n á ní Kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbẹ́sẹ̀ lé ọjà náà tí àwọn fi rí i rà ní ẹ̀dínwó, tàbí pé ṣọ́ọ̀bù pé ọdún kan, tàbí pé àwọn ń jápa lọ sí Kánádà. Fírísà mẹ́wàá tí wọn ò tíì tú nínú páálí, kí ni ẹni tó ń jápa ń fi wọ́n ṣe nílé tẹ́lẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo gbájúẹ̀ ló máa ń já owó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn máa ń dín díẹ̀ péré kúrò, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Iye owó nìkan kò tó láti fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan tó ń ta ẹja tútù ní Múṣin, torí gbogbo ọgbọ́n ẹni yìí ló wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Fírísà wọn bàjẹ́, ẹja sì wà nílẹ̀. Wọ́n rí ìpolówó náà, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ń pè wọ́n ní "Mọ́mì" ní gbogbo gbólóhùn. Ó ní méjì péré ló kù, pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá sanwó. Wọ́n fi ₦95,000 ránṣẹ́. Kò pẹ́ ló ní kí wọ́n san ₦18,500 fún wéèbíìlì, pé awakọ̀ máa dá a padà fún wọn bí ó bá dé. Wọ́n san án. Ló bá tún fi àwòrán fírísà nínú mọ́tò ránṣẹ́, orúkọ màmá sì wà lára páálí gàdàgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n fi ₦30,000 kún un fún ìwé ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò wọn ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù náà wá bá mi, àwòrán ni mo kọ́kọ́ wò. Nínú èyí tó fi polówó, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri lẹ́yìn fírísà, ihò róbótó méjì ló ní, irú tí àwọn ará Yúróòpù ń lò. Ta ló ń lo ìyẹn ní Alábá? Mo fi Google Lens wá àwòrán náà, ó gbé mi lọ sí ìpolówó ará òkè òkun kan. Mo wá wo ti inú mọ́tò. Páálí yẹn ti tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúkọ màmá sì gba ojú ibi tó tẹ̀ yẹn gan-an kọjá, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan tó wọ́ tàbí tó kán níbẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti kọ ọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, mo ṣí ojúewé rẹ̀ lórí Instagram, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "About this account" sí. Oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣí i máa ń wà níbẹ̀, àti iye ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Èyí ti pààrọ̀ orúkọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni pé àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń tẹ̀ lé e kò tẹ̀ lé e nítorí fírísà rárá. Lórí Facebook, "Page transparency" ni wọ́n pe irú rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwọn ìpolówó náà pẹ̀lú: bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó dá màmá dúró jù lọ ni orúkọ tó yọ nígbà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà àkáǹtì. Ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ orúkọ ńlá ti ilé-iṣẹ́. Orúkọ ọmọbìnrin kan ló yọ. Ó ní akáwùǹtáǹtì àwọn ni. Ẹni tó bá forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC lè fi orúkọ náà ṣí àkáǹtì ní báńkì, kí ló wá dé tí owó fírísà ń wọ àpò akáwùǹtáǹtì? Nọ́ńbà CAC tó lẹ̀ mọ́ ojúewé rẹ̀ kò sì tó láti fi gbà á gbọ́. Ẹ lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí ìkànnì CAC lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá tirẹ̀, nọ́ńbà náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti oníṣòwò mìíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa fírísà ni. Ó kàn jí i kọ ni.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló máa ń wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì kan. Ní àwọn báńkì orí fóònù kan, nọ́ńbà fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n kàn yọ òdo iwájú kúrò. Bí èyí tí wọ́n fún yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 70, 80, 81, 90 tàbí 91, ẹ fi òdo ṣíwájú rẹ̀, kí ẹ pè é. Bí ẹni tó gbé e kò bá mọ nǹkan kan nípa ọjà tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ọmọ tó yá gbájúẹ̀ ní àkáǹtì nítorí owó díẹ̀ ni nígbà mìíràn.

Bí ọjà bá ṣì ń wù yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ní kí ó pè yín lórí fídíò, kí ó kọ orúkọ yín àti déètì òní sórí ìwé, kí ó gbé e lé orí fírísà náà, kí ó wá rìn jáde síta kí ẹ rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́jà tòótọ́ lè ráhùn, ṣùgbọ́n á ṣe é. Gbájúẹ̀ á ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Tàbí kẹ̀, ẹ sọ fún un pé àbúrò yín ti wà ní Alábá, pé ó ń bọ̀ wá fi ojú rí i kó sanwó. Ní Èkó yìí, ta ni kò ní ẹnì kan tó lè bá a yà lọ sí Alábá?

Ó wá ku ti ẹni tí owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bá a jà, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti fura, torí ó máa pa àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Kíákíá, ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, ojúewé rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kí ẹ wá ṣí rìsíìtì tránsfà náà nínú ápù báńkì yín. Nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀, ọgbọ̀n nọ́ńbà ni, "Session ID" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Òun ni àwọn báńkì méjèèjì fi ń tọ ipa owó kan pàtó, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tránsfà ló ń wọlé nírú ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá pe báńkì láìní i lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ rán an lọ wá a, owó á sì ti rìn jìnnà.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín tàbí nínú ápù ni kí ẹ pè. Ẹ má lọ wá kọ́sítọ́mà kíà lórí X tàbí Facebook, torí àwọn gbájúẹ̀ mìíràn ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ẹni tí orí rẹ̀ ti gbóná. Ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé wọ́n lù yín ní jìbìtì, ẹ má pè é ní àṣìṣe nọ́ńbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí báńkì tó gba owó pé kí wọ́n fi líìnì sórí rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n dì í mú kó má lè jáde. Ẹ pe báńkì tó gba owó náà fúnra yín pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà káàdì ni ẹ tẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ti káàdì náà pa, kí ẹ tó bèèrè owó.

Owó tí wọ́n bá bá lórí àkáǹtì nìkan ni líìnì lè mú. Ti màmá, ₦95,000 ti gba àkáǹtì mìíràn kọjá kí wọ́n tó pè. Ṣùgbọ́n ₦18,500 ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì dì í mú. Dídì mú kì í ṣe dídá padà o. Báńkì kò ní yọ owó nínú àkáǹtì ẹlòmíràn fún yín àfi bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ lè kọ ọ́ fún ẹ̀ka wọn tó ń rí sí jìbìtì orí ayélujára ní nccc.npf.gov.ng, ẹ sì lè mú ìwé ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Ìkòyí. Ti màmá, nígbà tí ọlọ́pàá pe ọmọbìnrin tó ni àkáǹtì, ó fọwọ́ sí i, ₦18,500 padà. Wọ́n ṣì ń wá ìyókù.

Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ báńkì yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò dá yín lóhùn, òun lẹ máa fi kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng. Bí ẹ bá sì gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ayélujára, àwọn kan á wá bá yín nínú ìnbọ́ọ̀sì pé àwọn mọ ẹni tó lè wọnú àkáǹtì gbájúẹ̀ náà, pé ₦20,000 péré ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti bá màmá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan tilẹ̀ wọ aṣọ EFCC nínú àwòrán rẹ̀.